Èló Ni Ìdádúró Ń Jẹ Nínú Èrè Rẹ?

Ká ní rọ́bọ́ọ̀tì kan wà lórí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, tó ń fi dọ́là ra yúrò. Ó rí ohun tó ń wá nígbà tí wọ́n ń ta yúrò ní 1.08500, ó sì fi ọ́dà ránṣẹ́ sí sáfà alágbàtà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí rìsíìtì máa dé, 1.08503 ni wọ́n tà á fún un. Pípù kan jẹ́ 0.0001, nítorí náà 0.3 pípù ló bọ́ sọnù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí irú èyí ló máa ń sáré lọ háyà kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní tèmi, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ibi mẹ́rin ló yẹ ká ti kọ àkókò sílẹ̀: ìgbà tí iye owó tuntun wọlé, ìgbà tí rọ́bọ́ọ̀tì pinnu, ìgbà tí ọ́dà jáde, àti ìgbà tí rìsíìtì dé. Aago kan ṣoṣo ni kó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí o bá lo àkókò tí alágbàtà kọ sórí rìsíìtì pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà rẹ, aago méjì tó lè má bára mu lo dà pọ̀. Wàá mọ̀ nígbà tí ọ́dà kan bá hàn bíi pé wọ́n ti rà á kí o tó fi í ránṣẹ́. Nínú Python, aago tí kì í fò nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá tún aago kọ̀ǹpútà ṣe nìyí. Láti ìpinnu dé rìsíìtì nìkan ló kà níhìn-ín, ní mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá:

```python
import time

t1 = time.perf_counter_ns()
risiiti = fi_oda_ranse()
t3 = time.perf_counter_ns()
print((t3 - t1) / 1_000_000)
```

Ìrìn àjò àbọ̀ rìsíìtì wà nínú iye yìí, nítorí náà wọ́n ti ra ọjà náà ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Má fi ìpíndọ́gba nìkan ṣe ìdájọ́. To ọgọ́rùn-ún ọ́dà láti orí èyí tó yá jù dé orí èyí tó pẹ́ jù. Ká ní èyí tó wà láàárín gba 140, tí ẹni ipò 99 sì gba 900. Wo aago tí àwọn tó pẹ́ yẹn wáyé. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ní New York ni wọ́n kóra jọ sí, nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń jáde, a jẹ́ pé ìgbà tí iye owó ń sáré jù gan-an ni ọ́dà rẹ ń falẹ̀.

Síbẹ̀, àkókò kọ́ ni owó. Fi iye tí wọ́n ń tà á nígbà ìpinnu wé iye tí o rà á. Má fi iye ríra wé iye títà, torí èrè alágbàtà ni wàá máa kà sí ìdádúró. Ọjà máa ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ́dà kan kò sọ nǹkan kan. Ká ní ìpíndọ́gba àdánù jẹ́ 0.3 pípù, tí iye rẹ̀ láti ọ́dà dé ọ́dà sì máa ń yàtọ̀ ní bíi pípù méjì. Pín méjì yẹn fún gbòǹgbò onílọ́po-méjì iye ọ́dà. Pẹ̀lú ọ́dà 400, àṣìṣe inú ìpíndọ́gba jẹ́ 0.1, àdánù náà sì dájú. Pẹ̀lú 25, àṣìṣe náà jẹ́ 0.4, ó ju àdánù fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ọgbọ́n òwò rẹ bá ń pa pípù mẹ́rin lórí ọ́dà kan kí a tó yọ ìdádúró, 0.3 kò tó ohun tí à ń wá sáfà sí. Bó bá jẹ́ 0.5 ló ń pa, ìdádúró ti jẹ ju ìdajì lọ. Láti mọ̀ bóyá yíyára á ràn ọ́ lọ́wọ́, padà sí àkọsílẹ̀ iye owó àtijọ́, kí o ra ọjà náà lẹ́yìn 0, 100 àti 500 mílísẹ́kọ́ńdì, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí èrè kò bá yí padà títí dé márùn-ún, fi owó sáfà sápò. Bó bá ti wó ní 100, ìṣòro wà: àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà wọn sínú ilé kan náà pẹ̀lú ọjà ń ka ìdádúró ní ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ìwọ kò sì lè bá wọn sáré láti ìhín. Nǹkan bíi 5,000 kìlómítà ni Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlọ àti àbọ̀ kò sì lè dín ní 50 mílísẹ́kọ́ńdì. Bí 60 nínú 140 bá jẹ́ ti ìṣirò inú kọ̀ǹpútà rẹ, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kò ní ná ọ ní owó sáfà.

Ọgbọ́n kan wà tí ìdádúró máa ń ṣe láǹfààní: èyí tó ń ra ohun tó ń já wálẹ̀ lè rí i ní ẹ̀dínwó bó bá pẹ́ díẹ̀. Àmọ́ ka àwọn ọ́dà tí alágbàtà kọ̀ mọ́ ọn, àti àwọn tí o fi iye kan pàtó dè tí ẹnikẹ́ni kò tà fún ọ. Èyí tí iye rẹ̀ fò lọ sókè kí ọ́dà rẹ tó dé sábà máa ń jẹ́ èyí tí ìbá mú èrè wá. Bí o bá wọn àwọn tí o rà nìkan, ìdádúró rẹ á dà bíi pé kò ná ọ ní kọ́bọ̀.