Ta Ni Ìpolówó Mú Wá Ní Tòótọ́?

Ká ní oníbàtà kan ná mílíọ̀nù kan náírà sórí ìpolówó Fesibúùkù. Wọ́n ní ẹni 500 rí ìpolówó náà, wọ́n sì ra bàtà. Mélòó nínú wọn ni ì bá ti rà á láìrí i?

Kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀, kí a ṣẹ́ kèké pín ènìyàn sí méjì: 100,000 tó lè rí i, 100,000 tí a kò ní fi hàn. Bí 1,000 bá rà lápá kìíní, tí 800 rà lápá kejì, 200 péré ni ìpolówó mú wá. Oníbàárà tó rò pé 2,000 náírà lòun ná lé lórí, 5,000 ló jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lápá kìíní ni yóò rí ìpolówó. Bí a bá ka kìkì àwọn tó rí i, ìdánwò ti bàjẹ́, torí ẹni tó ń wà lórí Fesibúùkù tọ̀sán-tòru lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọjà orí ayélujára tẹ́lẹ̀. Odindi apá ni ká fi wé odindi apá.

Lọ́dún 2019, Brett Gordon ti Yunifásítì Northwestern àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìdánwò 15 irú èyí ní Amẹ́ríkà: ìṣirò tí kò sí kèké nínú rẹ̀ sábà máa ń sọ agbára ìpolówó di ńlá ju bó ti rí lọ.