Ẹ̀rí Oníbàárà Tó Lè Mú Kí Ẹlòmíràn Ná Owó

Ẹ wo ìpolówó àwọn télọ̀ lórí Wásáàpù, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ: iṣẹ́ àwọn dára, àwọn kì í já oníbàárà kulẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á wá to ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà sí: "Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an", "Iṣẹ́ yín ò lẹ́gbẹ́", "Olúwa á túbọ̀ bù sí i". Àdúrà àti ìmoore nìyẹn, ó sì tọ́ kí inú télọ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé aṣọ fún un rí kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Inú ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé aṣọ ẹbí fún télọ̀ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ronú pé kò ní mọ aṣọ rán. Ohun tó ń já a láyà ni pé kí ọjọ́ ìnáwó pé kí aṣọ má tíì jáde. Bí télọ̀ kan n'Ìbàdàn bá wá fi "aṣọ yín á jáde kí ọjọ́ tó pé" ṣe ìlérí òwò rẹ̀, ẹ̀rí tó bá ìlérí yẹn mu ni èyí tó dárúkọ ọjọ́. Ẹ̀rí tó ní ọrùn aṣọ náà jókòó dáadáa wúlò níbòmíràn, kò wúlò níbí.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wá, bíbéèrè ni. Bí télọ̀ bá béèrè pé "Ṣé ẹ gbádùn iṣẹ́ wa?", "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun" ni yóò gbọ́. Kí ó dúró kí ìnáwó kọjá, kí ó sì béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn oníbàárà: Kí ló ń bà yín lẹ́rù kí ẹ tó gbé aṣọ náà wá? Báwo ló ṣe wá rí? Kí lẹ máa sọ fún ẹni tó ń ṣiyèméjì? Ká ní oníbàárà dáhùn báyìí: "Télọ̀ tí mo lò tẹ́lẹ̀ já mi kulẹ̀ nígbà ìsìnkú bàbá mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Sátidé ni ìgbéyàwó wa. Ní Ọjọ́bọ̀, aṣọ 24 ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi fún un, wọ́n tú u, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Owó wọn ga díẹ̀ ṣá."

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa fẹ́ gé aṣọ tó fún àti owó tó ga kúrò. Èmi ò ní gé e. Aṣọ tó fún tí wọ́n sì tún ṣe ló jẹ́ ká mọ ohun tí télọ̀ náà máa ń ṣe bí nǹkan bá wọ́. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ra ọjà tí ìràwọ̀ rẹ̀ pé 5 géérégé tó èyí tó wà láàárín 4.0 sí 4.7. Ìyìn tí kò lábùkù máa ń mú ìfura dání. Ẹ lè dín ọ̀rọ̀ gígùn kù, ṣùgbọ́n ẹ má yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Ibi tí ẹ bá fi í sí tún ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ ibi tí ẹ ti kọ iye ọjọ́ tí aṣọ máa gbà ni kó wà, torí ibẹ̀ ni ojú oníbàárà á ti kọ́kọ́ dúró. Kí ẹ̀rí má sì kọjá ibi tó dé: aṣọ 24 tó jáde lásìkò kò tíì fi hàn pé 200 á jáde. Bákan náà ni ẹni kan tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn tó lo ọṣẹ dúdú kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọṣẹ náà ń wo àrùn.

Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lo orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan èyí. Bí ẹ bá fún un ní ẹ̀dínwó kó tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ní ti ẹ̀rí tí a fọwọ́ ara wa kọ, òfin FCCPA ti ọdún 2018 lòdì sí fífi irọ́ polówó ọjà. Amẹ́ríkà fòfin de ẹ̀rí èké ní pàtó ní 2024, Bìrìtìkó sì tẹ̀ lé e ní 2025, kí àwọn ará wa tó ń tajà lọ́hùn-ún fi sọ́kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí náà ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ́tí sí ìbéèrè tí àwọn oníbàárà tuntun ń béèrè. Bí wọ́n bá ṣì ń béèrè pé "Ṣé ẹ ò ní já mi kulẹ̀?" lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀rí yẹn kò tíì dáhùn ìbẹ̀rù wọn. Ẹ lọ wá òmíràn.