Ìwé tí onísípáà kọ sí ilé ìtura

Ká ní obìnrin kan tó ní sípáà n'Íbàdàn fẹ́ bá ilé ìtura kan dòwò pọ̀, kí ẹni tó bá wá sùn níbẹ̀ lè rí ẹni wọ́ra fún un. Ibi tí máníjà máa kọ́kọ́ wò nínú ìwé rẹ̀ ni ìpín owó.

Bí wíwọ́ra wákàtí kan bá jẹ́ ₦30,000, tí ilé ìtura sì mú ìdá 20 nínú 100, ₦6,000 nìyẹn. Nínú ₦24,000 tó kù, òṣìṣẹ́ gba ₦8,000, òróró àti fífọ táwẹ̀lì gba ₦4,000, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦3,000. Onísípáà rí ₦9,000. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ìdá 40 làwọn ń gbà, ₦3,000 péré ló kù fún un. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí kó tó kọ̀wé lè máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láìmọ̀.

Ibi tí ìjà ti lè bẹ́ sílẹ̀ ni owó àpapọ̀: àlejò ti san owó yàrá àti ti wíwọ́ra pọ̀, ó sì lọ láìjẹ́ kí wọ́n wọ́ra fún un. Ta ló ni owó yẹn? Kí ìwé sọ ọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí onísípáà gba ìdajì, nítorí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Ilé ìtura ló sì ń gbowó lọ́wọ́ àlejò; bí wọn kò bá san tirẹ̀ títí oṣù fi parí, àwìn ló máa fi ra òróró. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n máa san án láàárín ọjọ́ 7, kí ẹ sì fi oṣù 3 dán an wò kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan.