Ojú Ọ̀run Ìrẹmọ: Ohun Tó Fún Un Ní Búlúù Lọ́sàn-án, Tó Sì Mú Un Pọ́n Nírọ̀lẹ́

Bí òjò òru bá rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, tó sì dá kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ọ̀run tí àwọn ará àdúgbò Ìrẹmọ máa ń jí rí kì í ní ẹlẹ́gbẹ́. Búlúù ni láti ìkángun dé ìkángun. Ọ̀gangan àtàrí ni búlúù náà ti jinlẹ̀ jù. Bí a bá ṣe ń rọ ojú wálẹ̀ sí orí àwọn òrùlé páànù, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ náà ń ṣí, tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun níbi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Nígbà tí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá ku díẹ̀, oòrùn yóò ti di pupa fòò. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kìíní tí ọyẹ́ mú, búlúù yẹn a pòórá, ojú ọ̀run a funfun, oòrùn a sì ṣe bàìbàì bí òṣùpá ọ̀sán.

Ohun méjì péré ló ń ṣètò gbogbo èyí: bí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń bá pàdé nínú afẹ́fẹ́ ṣe tóbi tó, àti bí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ṣe gùn tó.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a ń rí ní funfun kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Òṣùmàrè ló ń tú àṣírí rẹ̀: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé, búlúù àti àwọ̀ àlùkò ló para pọ̀ sínú rẹ̀. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, gígùn ìgbì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìgbì pupa gba nǹkan bí 700 nínú ìpín náà, ti búlúù gba bí 450. Náítírójìn àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Mólékù wọn, ìyẹn èérún tó kéré jù lọ nínú wọn, kò tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan ohun tó kéré tó báyìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ a fọ́n ká sí gbogbo ìhà, ìgbì kúkúrú ló sì ń fọ́n ká ju ìgbì gígùn lọ.

Ní ọdún 1869, John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Ireland, tan iná líle sínú ọ̀pá díńgí kan tí èérún tó kéré gan-an wà nínú rẹ̀, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ní àwọ̀ búlúù. Ní 1871, John William Strutt, tí aráyé mọ̀ sí Lọ́ọ̀dù Rayleigh, ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ìgbì kan bá kúrú ní ìdajì ìgbì kejì, fífọ́nká rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po 16 ti èkejì. Nípa òfin yìí, búlúù ń fọ́n ká tó ìlọ́po mẹ́fà pupa. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ rò pé èérún kan tó léfòó sínú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Ní 1899 ni Rayleigh wá fi hàn pé mólékù afẹ́fẹ́ fúnra wọn tó o ṣe láìsí eruku kankan.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibikíbi tí a bá wò lókè lọ́sàn-án, yàtọ̀ sí ojú oòrùn gan-an, búlúù tó ti fọ́n ká ni yóò wọ ojú wa. Ìgbì àwọ̀ àlùkò kúrú ju ti búlúù lọ, ó sì ń fọ́n ká jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kéré, ojú èèyàn pàápàá kì í sì í tètè gbé e. Búlúù ló ṣẹ́gun.

Ẹ wá jẹ́ ká bá ìmọ́lẹ̀ rìn dé ìrọ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí gan-an ní Ilé-Ifẹ̀ bí aago kan ọ̀sán bá ku bí ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀nà tó ń gbà nínú afẹ́fẹ́ lásìkò yẹn ló kúrú jù. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, nínú 100 ìdá búlúù tó gbéra, nǹkan bí 80 yóò dé ọ̀dọ̀ wa tààrà. Nínú 100 ìdá pupa, bí 96 yóò dé. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, torí náà oòrùn ọ̀sán kò kúrò ní funfun. Nígbà tó bá kan etí ilẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ kọjá ní ìbú. Ọ̀nà rẹ̀ a tó ìlọ́po 38 ti ọ̀sán. Búlúù yóò máa pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó bá ṣẹ́ kù, ní ìgbà 38. Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé nínú 10,000 ìdá búlúù, bí 2 péré ló ń dé. Nínú 100 ìdá pupa, ó lé ní 20 tó ń dé. Búlúù tó sọnù yẹn kò ṣègbé: ojú ọ̀run ọ̀sán àwọn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa ló ń kùn.

Ọyẹ́ ní tiẹ̀ ń fi eruku ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ eruku náà ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ kan tó ti gbẹ, tó sì jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ ju 1,500 kìlómítà lọ. Ẹ̀fúùfù tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá ló ń gbé e sókè. Hóró eruku wọ̀nyí kéré lójú wa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ. Òfin Rayleigh kò bá wọn wí mọ́. Gbogbo àwọ̀ ni wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà, gbogbo àwọ̀ papọ̀ sì ni funfun. Nítorí èyí, kì í ṣe òtítọ́ pé eruku ló ń mú kí ìrọ̀lẹ́ pọ́n dáadáa. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, oòrùn a máa ṣe rúsúrúsú, a sì tún máa pòórá sínú eruku kó tó kan etí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí òjò ti fọ̀ ló ń fún wa ní pupa tó mọ́.

Ẹ lè dán an wò nínú ilé. Ẹ bu omi sínú ife díńgí, ẹ kán mílíìkì díẹ̀ sí i, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá wò ó láti ìbú yóò rí i tó ń ṣe bíi búlúù. Ẹni tó bá wò ó láti òdìkejì tọ́ọ̀ṣì náà yóò rí iná tó ń pọ́n. Bí mílíìkì bá ti pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ a funfun, kò sì ní sí búlúù mọ́.

Níta, ẹ dúró síbi tí òjìji ilé ti bo ojú oòrùn, kí ẹ wo ojú ọ̀run tó wà létí òrùlé náà. Bí búlúù bá sún mọ́ ọ̀gangan oòrùn, afẹ́fẹ́ mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ funfun bá gbòòrò yí i ká, eruku tàbí ọ̀rinrin ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o, kódà nígbà ọyẹ́ tó bá dà bíi pé kò mú ojú. Ó lè ba ojú jẹ́, ìpalára náà kì í sì í dunni lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀.