Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ọjà Tó Pẹ́ Tó sì Bàjẹ́

Ká ní ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ra àpò fúláwà 200. Ọjọ́ kẹta oṣù ni àdéhùn. Ọjọ́ kọkànlá ló dé, omi sì ti wọ 38 nínú wọn.

Ẹnu ọkọ̀ ni lẹ́tà ẹ̀sùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ọjà dé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò 38 ti tutù, kí dírẹ́bà náà fọwọ́ sí i. Ẹ má po ìkankan nínú wọn o! Lábẹ́ òfin ọjà títà, ẹni tó bá lo ọjà, tàbí tó gbé e pamọ́ pẹ́ láìfọhùn, ti gbà á nìyẹn.

Èébú kò wúlò nínú lẹ́tà náà. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi ra ọjà àti ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ ń fẹ́: “Ẹ pààrọ̀ àpò 38 yìí láàárín ọjọ́ 7, tàbí kí ẹ dá owó wọn padà. Ẹ wá kó èyí tó bàjẹ́ lọ.”

Ti ọjọ́ tó pẹ́ ló ṣòro jù. Bí ẹ bá ra fúláwà ọ̀wọ́n níbòmíràn nígbà tí ẹ ń retí, rìsíìtì rẹ̀ ni kí ẹ fi há lẹ́tà náà. Èlé orí owó yẹn ni kí ẹ béèrè.