Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Lo Rẹ́tínọ́ọ̀lù àti Fítámì Sí fún Awọ Ojú

Sírọ́ọ̀mù ni orúkọ tí a ń pe omi inú àwọn ìgò kéékèèké tí a fi ń kán oògùn sójú awọ. Méjì tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni rẹ́tínọ́ọ̀lù, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà fítámì Éè, àti fítámì Sí. Rẹ́tínọ́ọ̀lù máa ń mú kí awọ òkè tètè gbó kúrò, kí tuntun sì rọ́pò rẹ̀. Fítámì Sí ní tirẹ̀ máa ń ran awọ lọ́wọ́ láti kojú ìpalára oòrùn, ó sì máa ń jẹ́ kí àpá dúdú ṣá díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà wọ́n mọ́ ìpara ìbóra o. Wọn kì í sọ adúláwọ̀ di apọ́nbéporẹ́.

Agbára wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò lára ìgò. Fún olùbẹ̀rẹ̀, rẹ́tínọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ ìdá 0.2 tàbí 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Èyí tí ó jẹ́ odidi ìdá 1 wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí awọ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni ó wà fún. Ní ti fítámì Sí, ìdá 10 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ìdá 20, ìyúnni àti títani rẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ sí i, kì í ṣe àǹfààní rẹ̀. Fítámì Sí tún máa ń tètè bàjẹ́ nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀. Bí omi tí ó mọ́ gaara tàbí tí ó pọ́n díẹ̀ bá ti ṣókùnkùn bí omi tíì, kí a dà á nù.

Òwúrọ̀ ni ti fítámì Sí, alẹ́ sì ni ti rẹ́tínọ́ọ̀lù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba rẹ́tínọ́ọ̀lù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú aránṣọ kan tí irorẹ́ ti fi àpá sí lójú ṣe àpẹẹrẹ. Kò dára kí ó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà, nítorí bí ojú bá ń ta á, kò ní mọ èyí tí ó fà á. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, fítámì Sí nìkan ni ó lò. Láàárọ̀, yóò bọ́jú, yóò nù ún gbẹ, yóò fi ẹ̀kán mẹ́rin pa á, yóò sì dúró díẹ̀ kí ó tó fi ìpara tí ń mú awọ rọ̀ lé e. Ìpara tí ń dènà oòrùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dín ní 30, ni ó kẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi rẹ́tínọ́ọ̀lù kún un ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan. Lẹ́yìn tí ó bọ́jú, ó dúró bí ogún ìṣẹ́jú kí ojú lè gbẹ dáadáa, nítorí pé awọ tútù máa ń tètè fa oògùn náà wọlé. Ìwọ̀n horo ẹ̀wà kan ni ó fi pa gbogbo ojú. Ó fi fasilín díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ imú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, kò sì jẹ́ kí ó dé ẹ̀bá ojú.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí ọyẹ́ sì dé, ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, omi lásán sì ń ta á. Kò fi agídí bá a lọ. Ó dá rẹ́tínọ́ọ̀lù dúró títí ojú fi balẹ̀, ó sì padà sí i ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń fi ìpara ìmúwọrọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó fi í lé e. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa adúláwọ̀, nítorí pé ibi tí oògùn bá jó lójú wa lè di àpá tí ó dú ju ti irorẹ́ lọ. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta ni àpá àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Bí ojú bá kàn gbẹ, tàbí tí ó ta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì dáwọ́ dúró, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú bá wú, tí ara sú tí ó ń yún, tàbí tí omi ń sun láti ojú awọ, kí a fi omi ṣàn án kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì lọ rí dókítà. Aláboyún, àti obìnrin tí ó ń retí àtilóyún, kí wọ́n yẹra fún rẹ́tínọ́ọ̀lù pátápátá. Fítámì Sí ni wọ́n lè máa lò.