Mílíìkì Bákan Náà, Wàrà Kò Dọ́gba

Ní Ìlọrin, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, àwọn ìyá Fúlàní ló sábà máa ń ṣe wàrà tí a ń rà dín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn yóò rí i pé líta mílíìkì 10 lè mú nǹkan bíi kílò 2 wá lónìí, kó má tó bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Mílíìkì màlúù tútù ni wọ́n ń gbé ka iná tí kò le. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gún ewé bomubomu díẹ̀, wọ́n á fi mílíìkì pò ó, wọ́n á sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Bí iná ṣe ń mú un dé bèbè híhó, mílíìkì á dì, omi á sì yà lọ́tọ̀. Wọ́n á rọra bu èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro.

Omi ló pọ̀ jù nínú mílíìkì. Purotéènì àti ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń di wàrà, ìwọ̀n wọn kì í sì í dọ́gba láti ara màlúù kan sí òmíràn, tàbí láti ìgbà òjò sí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹni tó tà á bá ti bu omi líta 2 mọ́ líta 8, líta 10 lẹ rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàrà líta 8 lẹ máa rí: nǹkan bíi kílò 1.6 dípò 2.

Ti bomubomu náà wà níbẹ̀. Bí oje rẹ̀ bá kéré, mílíìkì ò ní dì tán. Bó bá pọ̀ jù, wàrà á korò, oje náà á sì tún máa gé purotéènì wẹ́wẹ́, tí yóò fi bá omi lọ. Omi tó yà sọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: bó bá mọ́, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó dára, bó bá funfun bíi mílíìkì, wàrà yín ló wà nínú rẹ̀. Ríro ìkòkò léraléra náà máa ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni omi tí kò tíì ro tán. Wàrà kílò 2 tí omi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 1.2 ní kílò 0.8 ohun gidi nínú. Bẹ́ ẹ bá tètè yọ ọ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ó lè wọn kílò 2.4, síbẹ̀ kílò 0.8 yẹn náà ló wà níbẹ̀. Inú epo gbígbóná ni omi yòókù á ti gbẹ, tí á máa ta páràpárà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá ewé lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á bóyá omi wà nínú mílíìkì, ẹ wo àwọ̀ omi tó yà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wàrà yín ro fún wákàtí kan náà kẹ́ ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.